Gémù mẹ́wàá lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan: ta ni ìlọ́po náà ń ṣiṣẹ́ fún?

Láàárọ̀ Sátidé, kí bọ́ọ̀lù líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo fóònù àwọn ọ̀dọ́ láti Muṣin dé Bódìjà. Kóòdù tíkẹ́ẹ̀tì ló ń fò láti orí Wásáàpù kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó ta gémù kan ṣoṣo ò wọ́pọ̀. Gémù mẹ́jọ, mẹ́wàá, ogún ni wọ́n ń tò pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Owó tí wọ́n fi ta lè má ju ₦200 lọ, àmọ́ iye tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ pé ẹ lè jẹ máa ń tóbi débi pé èèyàn á ti máa ro ilé tó máa kó lọ.

Àkúmúlétọ̀ lorúkọ irú tẹ́tẹ́ yìí. Gbogbo gémù tó wà lórí ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kẹ́ ẹ tó gba kọ́bọ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ á fi ọ́ọ̀dì àwọn gémù náà táìmsì ara wọn, ìdí nìyẹn tí owó tó wà nísàlẹ̀ fi ń wú bíi búrẹ́dì. Gbogbo wa la mọ apá yẹn. Apá tí kò sí lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni pé ohun méjì ló ń lọ́po lẹ́ẹ̀kan náà: owó tẹ́ ẹ lè jẹ, àti ìpín tí ilé-iṣẹ́ ń yọ nínú owó yín.

Mi ò wá wàásù o. Bóyá tẹ́tẹ́ dáa tàbí kò dáa, àwọn pásítọ̀ àti ààfáà ti ń bójú tó ìyẹn. Ìṣirò ni mo fẹ́ ká jọ ṣe, ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín sì tó o ṣe.

Oníbodè tó wà nínú gémù kan

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí gémù kan ṣoṣo. Ká ní wọ́n gbé ọ́ọ̀dì jáde báyìí: bí onílé bá borí, 2.10, bó bá jẹ́ ọ̀mì, 3.30, bí àlejò bá borí, 3.40. Irú ọ́ọ̀dì tí gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fi ₦100 ta onílé, tó sì wọlé, á gba ₦210, owó tó fi ta wà nínú ẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ pàdánù rárá. Ẹ ra èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó jẹ́ pé èyíkéyìí tó bá wọlé, ₦1,000 géérégé lẹ máa gbà. Èló lẹ máa fi sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ẹ fi ọ́ọ̀dì pín 1,000. Fún onílé, 1,000 tá a fi 2.10 pín jẹ́ ₦476. Fún ọ̀mì, ₦303. Fún àlejò, ₦294. Ẹ ro ó pọ̀, ₦1,073 ni.

Ẹ ti ná ₦1,073 kẹ́ ẹ lè gba ₦1,000. Kò sí èsì kẹrin nínú bọ́ọ̀lù, nítorí náà kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ bọ́. ₦73 ti lọ kí rẹfirí tó fọn fèrè. Ilé-iṣẹ́ ò purọ́, wọn ò sì fi ojooro ṣe é. Inú ọ́ọ̀dì ni owó náà wà. Tá a bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, nínú ₦100 tí àwọn èèyàn ń fi ta irú gémù yìí, bíi ₦93 ló ń padà sọ́wọ́ àwọn tó ń ta nígbà tó bá pẹ́, bíi ₦7 sì dúró sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́.

Láyé àtijọ́, bí oníṣòwò bá gbé ẹrù gba ẹnubodè ìlú, oníbodè á gba tiẹ̀ kí ẹrù tó wọlé. Ohun tí ₦7 yẹn jẹ́ gan-an nìyẹn. Gémù kọ̀ọ̀kan ni ẹnubodè kan, oníbodè sì jókòó síbẹ̀.

Owó tí oníbodè ń gbà ò dọ́gba níbi gbogbo. Nínú àwọn líìgì ńlá tí gbogbo ayé ń wò, ó sábà máa ń kéré díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sí líìgì kékeré tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tàbí tẹ́ ẹ bá ń ta iye kọ́nà àti káàdì, ó sábà máa ń ga sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ti gémù tó wà níwájú yín, ẹ ṣe ìṣirò tá a ṣe yẹn: ẹ fi ọ́ọ̀dì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín 1,000, kẹ́ ẹ ro ó pọ̀. Ohun tó bá fi lé ní 1,000 ni owó ibodè.

Bẹ́ ẹ bá fi gémù kún gémù

Ó yá, ẹ fi gémù kejì kún un, ká ní ọ́ọ̀dì rẹ̀ rí bákan náà. Èsì mẹ́ta ti gémù kìíní, mẹ́ta ti gémù kejì: ọ̀nà mẹ́sàn-án ni wọ́n lè gbà jáde. Ká ní ẹ tún fẹ́ ra gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ lè gba ₦1,000 bó ti wù kó rí. Èló ló máa ná yín?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kẹ́ ẹ tó lè gba ₦1,000 jáde nínú gémù kejì, ẹ gbọ́dọ̀ mú ₦1,073 wọ ibẹ̀. Àmọ́ inú gémù kìíní ni ₦1,073 yẹn ti máa wá, oníbodè tiẹ̀ náà á sì gba ìpín. Nítorí náà ẹ máa nílò ₦1,152 lẹ́nu ọ̀nà àkọ́kọ́. Ẹ kíyè sí i pé oníbodè kejì ò gba ₦73 lásán. Ó gba ìpín lórí ìpín tí ti àkọ́kọ́ ti gbà. Bí èlé orí èlé ló ṣe ń ṣiṣẹ́, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ jẹ gbèsè.

Tó bá di gémù mẹ́ta, ₦1,237 lẹ máa ná láti gba ₦1,000. Tó bá di márùn-ún, ₦1,425. Tó bá di mẹ́wàá, ₦2,029.

Ẹ tún un kà. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì gémù mẹ́wàá, ẹni tó bá fẹ́ ra gbogbo ọ̀nà tí èsì lè gbà jáde máa ná ju ₦2,000 lọ láti gba ₦1,000. Ìyẹn ni pé lórí gémù kan, ilé-iṣẹ́ ń mú bíi ₦7 nínú ₦100 yín. Lórí gémù márùn-ún, ó di ₦30. Lórí gémù mẹ́wàá, ó lé ní ₦50. Wọn ò sì fọwọ́ kan ọ́ọ̀dì kankan láti ṣe é. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ to ẹnubodè mẹ́wàá sójú ọ̀nà ara yín.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà bí àwọn èèyàn bá sọ pé, "Owó kékeré ni mo fi ta, kò lè dùn mí." Owó lè kéré, àmọ́ ìpín tí wọ́n ń yọ nínú ẹ̀ ló tóbi jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹni tó fi ₦200 ta gémù mẹ́wàá ń san bíi ₦100 fún ìgbádùn náà. Ẹni tó fi ₦200 kan náà ta gémù kan ń san bíi ₦14. Àwọn méjèèjì ló wo bọ́ọ̀lù, àwọn méjèèjì ni àyà wọn já.

"Gémù kan péré ló gé e"

Ẹ lè sọ pé, àwa kì í ta gbogbo ọ̀nà, àwọn tó dájú la máa ń mú. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká mú àwọn tó dájú.

Ká ní ẹ ṣa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́wàá tó lágbára, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń borí nígbà mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọ́ọ̀dì tí kò ní owó ibodè nínú fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ kó jẹ́ 1.33. Ká ní ilé-iṣẹ́ gbé 1.25 fún yín. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, àbí? Kọ́bọ̀ mẹ́jọ lórí náírà kan. Ta ló máa rò ó?

Ẹ wá fi táìmsì ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Pẹ̀lú 1.25, ẹni tó fi ₦1,000 ta á jẹ ₦9,313. Pẹ̀lú ọ́ọ̀dì tó tọ́, tí kò ní owó ibodè, ì bá jẹ ₦17,758. Kọ́bọ̀ mẹ́jọ tẹ́ ò kà sí ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà, ó sì tún fi ọgọ́rùn-ún mélòó kan lé e. Bẹ́ ẹ bá sì jẹ, inú yín á dùn débi pé ẹ ò ní bèèrè ibi tí ìyókù wà.

Báwo ni ìgbà tẹ́ ẹ máa jẹ ṣe máa pọ̀ tó? Kí ẹgbẹ́ kan borí nígbà mẹ́ta nínú mẹ́rin dáa gan-an. Kí mẹ́wàá borí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Nínú tíkẹ́ẹ̀tì 100 irú èyí, bíi mẹ́fà péré ló máa wọlé. Ká ní ẹnì kan ń ta ọ̀kan lọ́sẹ̀, ₦1,000 lẹ́ẹ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ 100, tó sún mọ́ ọdún méjì. Ó ti ná ₦100,000. Bó bá jẹ lẹ́ẹ̀marùn-ún, á gba ₦46,565. Bó bá jẹ lẹ́ẹ̀mẹfà, ₦55,878. Kó tó lè gba owó ẹ̀ padà, ó gbọ́dọ̀ jẹ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ìyẹn sì fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì iye tó yẹ kó retí.

Ibi tó wá dùn mí jù nìyí. Nínú tíkẹ́ẹ̀tì 100 yẹn, mélòó ni gémù kan ṣoṣo máa gé? Bíi mọ́kàndínlógún ni. Ìyẹn ni pé fún ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá jẹ, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí gémù mẹ́sàn-án máa wọlé tí ọ̀kan á já yín kulẹ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, gémù kan péré ló gé e! Ìṣẹ́jú kejìdínláàádọ́rùn-ún!" Ẹni tó ń sọ ọ́ gbà pé òun sún mọ́ ọn, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tòun. Kò sún mọ́ nǹkan kan. Bí tíkẹ́ẹ̀tì gémù mẹ́wàá ṣe máa ń rí nìyẹn bó bá kùnà. Kì í ṣe oríburúkú, kì í ṣe àwọn ọ̀tá ilé bàbá. Ìṣirò lásán ni. Àmọ́ ìmọ̀lára pé "ó ku díẹ̀" yẹn ló ń mú èèyàn padà wá, ilé-iṣẹ́ ò sì ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀.

Bọ́nọ́sì ńkọ́?

Ẹni tó bá ti ń ta tẹ́tẹ́ tipẹ́ á dá mi lóhùn pé ilé-iṣẹ́ máa ń fún èèyàn ní bọ́nọ́sì bó bá to gémù pọ̀, pé bí gémù bá ṣe pọ̀ ni bọ́nọ́sì ń ga. Òótọ́ ni. Ẹ bi ara yín léèrè ná: oníṣòwò wo ló máa ń fi owó tiẹ̀ bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ra ọjà tí kò ní mú èrè wá fún un?

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Ká padà sórí gémù mẹ́wàá tá a kọ́kọ́ ṣírò, níbi tí bíi ₦49 nìkan nínú ₦100 ti ń padà sọ́wọ́ àwọn tó ń ta. Ká ní bọ́nọ́sì fi ₦30 kún ₦100 tẹ́ ẹ bá jẹ. ₦49 á di ₦64. Gémù kan ṣoṣo láìsí bọ́nọ́sì kankan ń dá ₦93 padà. Kí bọ́nọ́sì gémù mẹ́wàá tó lè mú yín dé ibi tí gémù kan ti wà tẹ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi bíi ₦89 kún gbogbo ₦100. Kí ẹ tó lè gba owó yín padà láìsí àdánù, ó gbọ́dọ̀ ju ₦100 lórí ₦100 lọ. Wọ́n sì tún máa ń fi ọ́ọ̀dì tó kéré jù lélẹ̀ fún gémù kọ̀ọ̀kan kí bọ́nọ́sì tó lè wọlé, nítorí náà gémù tí ọ́ọ̀dì rẹ̀ kéré bíi 1.05 lè má kà fún bọ́nọ́sì náà. Ẹ tún ka òfin àti àdéhùn wọn dáadáa: iye owó tó pọ̀ jù tí tíkẹ́ẹ̀tì kan lè san wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ti fi òpin sí ohun tẹ́ ẹ lè jẹ, kò sẹ́ni tó fi òpin sí ohun tẹ́ ẹ lè pàdánù.

Ìgbà kan wà tí ìlọ́po lè gbè yín

Kí n má bàa ṣe ojúsàájú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà. Ìlọ́po ò mọ ẹni tó ń gbè. Bẹ́ ẹ bá mọ bọ́ọ̀lù ju ilé-iṣẹ́ lọ ní tòótọ́, tó jẹ́ pé ọ́ọ̀dì tí wọ́n gbé fún yín dáa ju bí gémù náà ṣe rí lọ, a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ di oníbodè. Gémù tẹ́ ẹ bá fi kún un á máa lọ́po àǹfààní tiyín.

Ìbéèrè tó kù ni pé ṣé ẹ mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ lóòótọ́, lórí gbogbo gémù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá? Kì í ṣe pé ẹgbẹ́ náà máa borí. Ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ pé ó máa borí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé 1.25. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ó máa borí lemọ́lemọ́ ju bí ọ́ọ̀dì ṣe wí lọ. Ẹni tó bá ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí gémù kan, tó wá fi mẹ́sàn-án tí kò mọ nǹkan kan nípa wọn kún un, ti fọwọ́ ara ẹ̀ bo ìmọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó sì ń ta kóòdù "ó dájú" fún yín lórí Tẹlẹ́gíráàmù, ẹ bi í pé bó bá dájú, kí ló ń tà á fún?

Ẹ̀rí láti Nẹfáda, àti iṣẹ́ tó wà lọ́rùn àwọn aṣòfin wa

Bẹ́ ẹ bá rò pé ìṣirò orí pátákó lásán ni gbogbo èyí, ẹ wo ìpínlẹ̀ Nẹfáda ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìlú Las Fégáàsì wà. Páléè ni wọ́n ń pe àkúmúlétọ̀ níbẹ̀. Ìjọba Nẹfáda ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé tẹ́tẹ́ pé kí wọ́n jíhìn iye tí wọ́n rí, wọ́n sì ya káàdì páléè sọ́tọ̀. Láti àwọn ọdún 1980 wá, bíi $5 nínú $100 ni àwọn ilé tẹ́tẹ́ ń mú lórí tẹ́tẹ́ eré ìdárayá lápapọ̀. Lórí káàdì páléè, bíi $30 ni. Àwọn kan náà ló gbé ọ́ọ̀dì jáde, eré kan náà ni wọ́n ń ta. Títò pọ̀ ló fa ìyàtọ̀.

Níbi tí èmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kàwé òfin ti fẹ́ fọwọ́ tọ́ka sí nìyẹn. Ará Nẹfáda tó bá fẹ́ mọ̀ lè mọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ kan tí ìjọba Èkó ti pè láti ọdún 2008. Wọ́n ní òfin lọ́tìrì àpapọ̀ ti ọdún 2005 kò tún lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́ ní àwọn ìpínlẹ̀, pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́. Àbújá nìkan ló kù sọ́wọ́ ilé aṣòfin àpapọ̀. Lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, ariwo tó pọ̀ jù ni ti owó: ta ló máa gba owó ìwé àṣẹ, ta ló máa gba owó orí. Ó yé mi. Àmọ́ ẹni tó bá gba àṣẹ láti gba owó lọ́wọ́ oníbodè ti gba ojúṣe láti bi oníbodè ní iye tó ń gbà lọ́wọ́ aráàlú.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ilé aṣòfin Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì àti Kwara ò pọ̀. Àkọ́kọ́, kí àkúmúlétọ̀ kọ̀ọ̀kan fi hàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tẹ́ ẹ lè jẹ, iye tí ilé-iṣẹ́ ń yọ nínú ₦100 lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà. Kò le: kọ̀ǹpútà tó ń fi ọ́ọ̀dì táìmsì ara wọn lè fi owó ibodè náà táìmsì ara wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Èkejì, kí àjọ tó ń bójú tó tẹ́tẹ́ ní ìpínlẹ̀ máa gbé e jáde lóṣooṣù, iye tí àwọn èèyàn fi ta gémù kan àti iye tí wọ́n fi ta àkúmúlétọ̀, àti iye tó padà sọ́wọ́ wọn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ lè ní yóò dí àwọn lọ́wọ́ òwò. Páálí bisikíìtì ń kọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ẹ̀, a ò sì gbọ́ pé àwọn ọmọdé dẹ́kun jíjẹ bisikíìtì.

Kí àwọn aṣòfin tó dáhùn, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ní Sátidé tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ mú gémù kọ̀ọ̀kan tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín, ẹ fi ọ́ọ̀dì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín 1,000, kẹ́ ẹ kọ ohun tó lé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ ka iye ẹnubodè tẹ́ ẹ tò sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n pé mẹ́wàá, tó sì tún wù yín láti ta á, owó yín ni. Ó kéré tán, ẹ ti mọ iye tí ẹ san kẹ́ ẹ tó wọ̀lú.